Ìwé Tó Wà Lára Ògiri Ilé Ọṣẹ: Bí A Ṣe Kọ Ìlànà Ààbò Fún Kọ́sítíìkì Sódà

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ tà. Ó sì kan ẹnikẹ́ni tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú yín ti mọ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún yìí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa tó ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kékeré kan wá bá mi. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló ní. Ó ní, “Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìwé tí àwọn ọmọ yìí á máa tẹ̀lé tí wọ́n bá ń po kẹ́míkà. Ẹnu mi ti bó.” Bí a ṣe kọ ìwé náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọ tirẹ̀ lè mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

Lófínńdà wà nílé ọṣẹ, aró wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì sódà ni mo fẹ́ dojú kọ, nítorí òun ló lè fọ́ni lójú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ máa rí NaOH lára àpò rẹ̀. Ẹ tún máa rí àwòrán kan níbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn àti irin tí nǹkan ń kán lé lórí, tó sì ń jẹ wọ́n. Ohun tí àwòrán yẹn ń wí ni pé nǹkan inú àpò yìí máa ń jẹ ara.

*Ohun tí kọ́sítíìkì ń ṣe*

Ẹ̀yin àgbà mọ omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Wọ́n á sun èèpo kòkó, wọ́n á rẹ eérú rẹ̀, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀. Omi náà máa ń ta ọwọ́. Irú iṣẹ́ yẹn ni kọ́sítíìkì sódà ń ṣe, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ti omi eérú lọ fíìfíì. Ó ń mú ọ̀rá, ó ń sọ ọ́ di ọṣẹ. Ara ènìyàn náà sì ní ọ̀rá. Ohun tó ń ṣe fún àdín nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe fún awọ ara wa.

Ìdí nìyẹn tí omi kọ́sítíìkì fi máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ nígbà tó bá kọ́kọ́ kan ènìyàn. Òṣìṣẹ́ á rò pé kò sí nǹkan, á fi ọwọ́ nu aṣọ, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ìrora lè pẹ́ kó tó dé, nígbà tó bá sì dé, ó ti jẹ wọnú. Tó bá jẹ́ ojú ló ta sí, kì í dúró sí òkè ẹyinjú, inú ló ń wọ̀ lọ títí tí omi fi máa fọ̀ ọ́ kúrò. Tí ọmọdé bá gbé e mì, ó máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Tí ọgbẹ́ yẹn bá sì jinná, àpá rẹ̀ lè fún ọ̀nà náà pa débi pé oúnjẹ kò ní lè kọjá mọ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ike omi mímu ni wọ́n ti bá a.

*A kọ́kọ́ jókòó, a ń wo iṣẹ́*

N kò kọ nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe é. Mo gbé àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo jókòó, mo ń wò. Ìlànà tí ènìyàn bá jókòó sílé kọ kì í bá ibi iṣẹ́ mu.

Ohun mẹ́rin ni mo rí. Èkíní, wọ́n ń da kọ́sítíìkì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá da omi lé e lórí. Èkejì, orí ilẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì wà, nítorí náà ẹni tó ń rò ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ojú rẹ̀ wà gan-an lókè oruku tó ń yọ. Ẹ̀kẹta, omi tó súnmọ́ wọn jù wà lẹ́yìn ilé níbi kànga. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìṣísẹ̀ 46 ni. Ẹni tí ojú ti di kò lè rin ìṣísẹ̀ 46. Ẹ̀kẹrin, omi kọ́sítíìkì tó ṣẹ́kù wà nínú ike omi mímu lórí fèrèsé, kò sì sí ohun kankan tí wọ́n kọ sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ti èkíní yẹn dáadáa, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà. Tí kọ́sítíìkì bá pàdé omi, ooru ńlá ló ń mú jáde. Ooru náà lè mú omi tó tutù dé nǹkan bíi 80 tàbí 90 nínú ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Tí omi bá pọ̀, tí kọ́sítíìkì sì ń wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, omi náà á gba ooru yẹn, á fọ́n ọn ká. Ṣùgbọ́n tí a bá da omi sórí òkìtì kọ́sítíìkì, omi díẹ̀ tó kọ́kọ́ kàn án á hó lójú ẹsẹ̀, á sì tú gbàrà sókè. Ojú ẹni tó ń dà á ni á gbà á. Nítorí náà, omi ni a máa ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kọ́sítíìkì ni a máa ń dà sínú omi. A kì í yí i padà láéláé.

*Ìwé tí ẹni tó tà á gbọ́dọ̀ fún yín*

Lẹ́yìn èyí, mo ní kí ìyá oníṣẹ́ náà béèrè ìwé àlàyé ààbò lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kọ́sítíìkì fún un. Ìwé yìí wà fún gbogbo kẹ́míkà irú èyí, abala 16 ló máa ń ní. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Abala márùn-ún ló ṣe pàtàkì sí wa jù. Abala 4 sọ ìtọ́jú àkọ́kọ́. Abala 6 sọ ohun tí a ó ṣe tó bá dànù. Abala 7 sọ bí a ó ṣe lò ó àti bí a ó ṣe tọ́jú rẹ̀. Abala 8 sọ ohun tí a ó wọ̀. Abala 10 sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ bá pàdé.

Abala 10 yìí ló sọ ọ̀rọ̀ álúmíníọ̀mù fún wa. Ìkòkò funfun tí a fi ń se ọbẹ̀, álúmíníọ̀mù ni púpọ̀ nínú wọn. Omi kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́, ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń mú gáàsì kan tó ń jẹ́ haidirójìn jáde. Gáàsì yìí kò ní òórùn, ṣùgbọ́n tó bá pàdé iná, ó lè bú gbàù. Ike tó nípọn dáadáa tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ máa lò.

*A tún ibi iṣẹ́ ṣe kí a tó kọ ìwé*

Ẹ gbọ́ o, ìwé kò lè gbé omi wá. Tí omi bá jìnnà, kí a kọ “fi omi fọ ojú” sára ògiri, ẹ̀tàn ni. Nítorí náà, a ṣe ohun mẹ́ta kí a tó mú bírò.

A gbé kẹ́ẹ̀gì méjì tó gba lítà 25 kọ̀ọ̀kan sórí àga gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń po, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹnu ẹ̀rọ kékeré nísàlẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Ojú tí kọ́sítíìkì bá ta sí nílò omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20, ó kéré tán. Tí lítà kan àti ààbọ̀ bá ń ṣàn ní ìṣẹ́jú kan, lítà 30 nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì kan kò tó. Láràárọ̀ ni wọ́n ń da omi mímọ́ sí i.

Ohun kejì, wọ́n kan tábìlì tó dé ìbàdí, tó lágbára, wọ́n sì gbé e sí abẹ́ òrùlé tí kò ní ògiri, kí oruku lè bá afẹ́fẹ́ lọ. Ohun kẹta, wọ́n ra àpótí onírin tó ní àgádágodo. Inú ike onídèérí tó dí pinpin ni kọ́sítíìkì ń gbé nínú àpótí náà, torí ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ títí á fi di kùkù. Wọ́n kọ “KỌ́SÍTÍÌKÌ: Ó Ń JẸ ARA” sí ike náà lára, wọ́n sì ya àwòrán ọwọ́ yẹn sí i.

*Ìwé náà gan-an*

A wá kọ ọ́. Ojú ewé kan péré, Yorùbá ni, lẹ́tà ńlá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ. Ìtọ́jú àkọ́kọ́ ló wà lókè pátápátá, torí ẹni tó ń jó kò ní lè ka ìwé dé ìsàlẹ̀.

Iye tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti àdín kílò 10, èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Kílò àdín kan máa ń gba nǹkan bíi gíráàmù kọ́sítíìkì 176. Kílò 10 á gba 1,760. A yọ márùn-ún kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kí àdín díẹ̀ lè ṣẹ́kù tí ọṣẹ náà kò ní jó ẹni tó bá rà á. Ó kù nǹkan bíi gíráàmù 1,670. Epo pupa kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nǹkan bíi 141 ni kílò kan rẹ̀ ń gbà. Ẹni tó bá fi iye ti àdín ṣe epo pupa, kọ́sítíìkì á ṣẹ́kù nínú ọṣẹ rẹ̀.

Ohun tó wà lára ògiri nìyí:

TÓ BÁ TA SÍ OJÚ: Pariwo. Lọ sí kẹ́ẹ̀gì. La ojú sílẹ̀ kí omi máa ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 20. Ojú tó kàn ni kó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọsibítù.

TÓ BÁ KAN ARA: Bọ́ aṣọ tó kàn. Tó bá jẹ́ gbígbẹ, kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 20. Má fi fínígà, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí epo pa á.

TÍ ẸNÌKAN BÁ GBÉ E MÌ: Fi omi yọ ẹnu, tu ú dànù. Má jẹ́ kó bì. Má fún un ní epo pupa. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ike tó ti mu ún.

1. Ènìyàn méjì ló ń po. Ẹnìkan kì í dá a ṣe. Ọmọdé kì í wà níbẹ̀.
2. Wò ó bóyá kẹ́ẹ̀gì méjèèjì kún.
3. Wọ awò tó bo ojú yíká, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgbọ̀nwọ́, aṣọ alápá gígùn, ẹ́púrọ́ọ̀nù rọ́bà àti bàtà rọ́bà.
4. Wọn omi tútù lítà 3.4 sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke. Omi gbígbóná kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.
5. Wọn kọ́sítíìkì gíráàmù 1,670 lórí òṣùwọ̀n. Dé ike padà, ti àpótí.
6. Da ife kékeré kan sínú omi. Rò ó títí tí o kò fi ní rí hóró kankan. Lẹ́yìn náà ni kí o da ife mìíràn. Má bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.
7. Dé e, fi sílẹ̀ kó tutù. Tẹmómítà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí 40 kí o tó gbé e.
8. Da omi kọ́sítíìkì sínú àdín díẹ̀díẹ̀. Ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ súnmọ́ àdín.
9. Fọ ìbọ̀wọ́ kí o tó bọ́ ọ. Awò ni o máa bọ́ kẹ́yìn.
10. Tó bá ṣẹ́kù, má rọ ọ́ sínú ike omi mímu. Fún alábòójútó.

Ẹ ó rí i pé a kọ̀wé lòdì sí epo pupa. Mo mọ̀ pé òun ni wọ́n fi tọ́ wa. Tí ènìyàn bá gbé májèlé mì, a ó fún un ní epo kó lè bì í. Ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì tó jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ á tún un jó nígbà tó bá ń padà bọ̀. Bákan náà ni fínígà. Òótọ́ ni pé ó máa ń pa agbára kọ́sítíìkì, ṣùgbọ́n àkókò tí a fi ń wá a kiri ni kọ́sítíìkì fi ń wọnú ara. Omi púpọ̀ ló ń fọ̀ ọ́ lọ.

*A fi iyọ̀ dán an wò*

Kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo ní kí wọ́n fi iyọ̀ dípò kọ́sítíìkì, kí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹnìkan máa kà á sókè. Ibẹ̀ ni àléébù ìwé ti máa ń hàn, láìsí ewu.

Ìlà kẹfà sọ tẹ́lẹ̀ pé “dà á díẹ̀díẹ̀.” Ọmọkùnrin kan gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ó da ìdajì gbogbo iyọ̀ náà sínú omi lẹ́ẹ̀kan. Lójú tirẹ̀, díẹ̀ nìyẹn. Ló bá di pé a wá ife oníke kékeré kan tó ń gba nǹkan bíi gíráàmù 100, a so ó mọ́ tábìlì, a sì kọ “ife kékeré kan” sínú ìwé. Nǹkan bíi ife 17 nìyẹn fún àpòpọ̀ kan, kò sì sí ẹni tó lè ṣì í gbọ́ mọ́.

A tún rí i pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá òmíràn ni awò ojú wà. Ẹni tó bá ń kánjú kò ní lọ mú un. A gbé e wá sórí ìṣó lókè òṣùwọ̀n, kó jẹ́ pé ọwọ́ ò ní kan òṣùwọ̀n láìkọ́kọ́ kan awò. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà kò sì mọ̀wé kà. A ya àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wúlò jù ni ti ìlà kẹrin àti ìkẹfà: bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí ọfà ń ti orí ife wọ̀, àti ife omi tí a fà ìlà pupa gba orí rẹ̀ kọjá.

Níkẹyìn, a ṣe ti ojú. Mo ní kí ọmọbìnrin kan di ojú rẹ̀, kí ó rìn láti ibi tábìlì dé ẹnu ẹ̀rọ kẹ́ẹ̀gì, kí ó sì ṣí i fúnra rẹ̀. Ó kọsẹ̀ lára àpò àdín tí wọ́n tò sójú ọ̀nà. Wọ́n kó o kúrò lọ́jọ́ yẹn, a sì fi ọ̀dà pupa kun ilẹ̀ ibẹ̀ kí wọ́n má baà tún gbé nǹkan síbẹ̀.

*Ibi tí ìwé náà mọ*

Ìwé yìí kò gbọ́dọ̀ dúró bẹ́ẹ̀ títí láé. Ọjọ́ tí a kọ ọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó bá yí padà níbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yí ìwé náà padà. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: kọ́sítíìkì wẹ́wẹ́ pẹlẹbẹ wà, èyí tó rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ náà wà. Ife kan ti èyí róbótó wúwo ju ife kan ti pẹlẹbẹ lọ. Tí oníṣòwò bá yí ọjà padà, ẹni tó bá ń fi ife ka iye á da èyí tó pọ̀ jù sínú ọṣẹ. Ìdí nìyẹn tí ìwé wa fi ní kí a fi òṣùwọ̀n wọn gbogbo rẹ̀ ná, kí ife kàn jẹ́ ohun tí a fi ń bù ú.

Ọṣẹ tútù kò tíì di ọṣẹ pátá. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá ń gé e, kọ́sítíìkì ṣì lè wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́. Èyí wà nínú ìwé kejì, ti ibi tí wọ́n ti ń gé ọṣẹ. Ibi iṣẹ́ kan, ìwé kan. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, kò sẹ́ni tó máa kà á.

Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, tí ẹ bá lọ sí ilé ọṣẹ ọmọ ẹgbẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi í: omi tó súnmọ́ ibi tí ẹ ti ń po, ìṣísẹ̀ mélòó ni? Inú kí ni èyí tó ṣẹ́kù wà? Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá kí ẹ jókòó tì í kọ ìwé tirẹ̀. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà, ẹ wo orí fèrèsé àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé. Tí ẹ bá rí ike omi tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ má gbóòórùn rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe ọṣẹ. Ẹni tí kò bá lè kà á, ẹ kà á sétí rẹ̀. Ire o.